Bí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Ẹni Bá Ní Ìwé Ti Sú Òun

Káàdì èsì ìdánwò kì í pẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé. Bàbá á wò ó látòkè dé ìsàlẹ̀, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á ní: “Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?” Ìyá á ní àwọn tó ń fi ebi kàwé ń ṣe dáadáa, ẹni tó ń jẹ àjẹyó ló ń gbé odo wálé. Ọmọ á dorí kodò. Tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ bẹ́ẹ̀ láti sáà dé sáà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ náà á sọ ohun tó máa já gbogbo wọn láyà: ìwé ti sú òun, òun ò rò pé òun lè di nǹkan kan láyé.

Nígbà tó bá dà báyìí ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pe àbúrò ìyá tàbí àbúrò bàbá, wọ́n á ní kó wá bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń bẹ̀rù bàbá rẹ̀, tí kò sì fẹ́ rí ẹkún ìyá rẹ̀, lè sọ tinú rẹ̀ fún bọ̀ọ̀dá tàbí àǹtí tí kì í ṣe òun ló ń san owó ilé ìwé. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa bọ̀ọ̀dá àti àǹtí máa ń ṣe? A ó pe ọmọ jókòó, a ó ròyìn bí a ṣe fi àtùpà kàwé àti bí a ṣe fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé, a ó fún un lówó, a ó gbàdúrà fún un. Ọmọ á ní “Ẹ ṣé, sà.” Inú tiwa á dùn. Tó bá wá di ọjọ́ Ajé, tí olùkọ́ bá kọ ìṣirò sí ojú pátákó, ohun tí kò yé ọmọ náà lọ́jọ́ Ẹtì kò tíì yé e.

Albert Bandura, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1977. Ohun tó ń wá ni ibi tí èèyàn ti ń rí ìgbàgbọ́ pé òun lè ṣe nǹkan kan. Ó ní ọ̀nà mẹ́rin ni. Èkíní, ohun tí ẹni náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó sì bọ́ sí i. Èkejì, kó rí ẹni tó jọ òun tó ṣe é. Ẹ̀kẹta, kí ẹlòmíràn kì í láyà. Ẹ̀kẹrin, bó ṣe máa ń rí lára rẹ̀ tó bá dojú kọ iṣẹ́ náà, bóyá àyà rẹ̀ ń já ni o tàbí ara rẹ̀ balẹ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èkíní ló lágbára jù. Ọ̀rọ̀ ìyànjú, èyí tó jẹ́ pé òun la mọ̀ ọ́n ṣe jù, kì í lè dá dúró: bí ọmọ bá kúrò níwájú wa tó tún lọ gba odo, odo yẹn á pa ọ̀rọ̀ wa rẹ́ pátápátá. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti já gan-an, kó bá a so ó, kí ọmọ náà sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó so.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Òṣogbo ni wọ́n ń gbé. Ó wà ní SS 2, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ló sì wà, torí láti kékeré ló ti máa ń tú rédíò àti ṣájà tó bá bàjẹ́ nínú ilé. Ní sáà kìíní, 31 ló gbà nínú ìṣirò. Ní sáà kejì, 28. Ìyá rẹ̀ ní kó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn, torí ó mọ̀ pé mo ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama rí. Ohun tí ọmọ náà ti sọ fún un ni pé òun fẹ́ kúrò ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, tí kò bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n kúkú jẹ́ kí òun fi ilé ìwé sílẹ̀.

Mi ò bi í nípa ọjọ́ iwájú rẹ̀. Mo ní kó lọ mú ìwé iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ wá.

“Bọ̀ọ̀dá, gbogbo ẹ̀ ni mi ò mọ̀.”

“Kò sẹ́ni tí kì í mọ gbogbo ẹ̀. Mú un wá.”

Ìwé iṣẹ́ ni mo ní kó mú wá, mi ò ní kó mú káàdì èsì. Káàdì á sọ pé 28 ló gbà, kò ní sọ ibi tí 72 yòókù gbà lọ. Inú ìwé iṣẹ́ ni èèyàn ti lè rí ẹsẹ̀ ọmọ, ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ti yà. Olùkọ́ tó ní ọmọ tó pọ̀ rẹpẹtẹ nínú kíláàsì kì í ráyè wo èyí fínnífínní. Á fa igi pupa, á kọjá sí ìwé ẹlòmíràn. Ẹbí ọmọ ló ráyè é wò.

Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tó lọ báyìí:

3(x − 2) − 2(x − 5) = 7

Wọ́n ní kí ọmọ wá iye tí x jẹ́. Nígbà tó ṣí àkámọ́ àkọ́kọ́, ó kọ 3x − 6. Ó tọ̀nà. Ó bọ́ sí ìkejì, ó kọ −2x. Ìyẹn náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kó sọ −2 di ìlọ́po −5, −10 ló kọ síbẹ̀, +10 ló sì yẹ kó jẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, kò tún ṣe àṣìṣe kankan mọ́. Ó kó x jọ bó ṣe yẹ, ó kó nọ́ńbà jọ bó ṣe yẹ, ó ní x − 16 = 7, ó ní x jẹ́ 23. Igi pupa la gbogbo rẹ̀ já, odo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ṣí ojú ìwé mìíràn, tí orí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Àṣìṣe kan náà ni. Mo tún ṣí òmíràn. Ibikíbi tí àmì ìyọkúrò méjì bá ti pàdé nínú ìlọ́po, ibẹ̀ ló ti ń ṣubú. Ibi tí wọn ò bá ti pàdé, ó máa ń gbà á. Ọmọ tó ní gbogbo rẹ̀ ni òun ò mọ̀ yìí, nǹkan kan péré ni kò mọ̀, àmọ́ nǹkan náà wà nínú ohun gbogbo tí wọ́n ń kọ́ wọn ní SS 2.

JSS ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ bí nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò ṣe ń ṣe. Mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lásìkò náà. Ó ronú díẹ̀, ó ní: “Ìgbà yẹn la kó láti Àkúrẹ́.” Wọ́n ń wá ilé ìwé tuntun fún un, ó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tó sì fi wọ ilé ìwé tuntun, wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà tán níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí. Ìyá rẹ̀ ń wá ṣọ́ọ̀bù, bàbá rẹ̀ ń wá iṣẹ́. Ìṣirò kò dà bí ìtàn àtẹnudẹ́nu tí èèyàn lè wọ̀ láàárín. Ohun tí ọmọ bá fò kọjá níbẹ̀ kì í kúrò, á kàn fara pamọ́ sínú iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ni.

Mi ò sọ fún un pé òfin ni, pé kó ṣáà há a sórí. Mo kọ èyí sílẹ̀ fún un, mo ní kó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀tún:

−2 × 3 = −6
−2 × 2 = −4
−2 × 1 = −2
−2 × 0 = 0

Ó ní méjì méjì ló ń lékún. Mo ní kó máa bá a lọ, kó fi −1 ṣe é. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ +2, ó wo ojú mi. Mi ò sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ dé −5, ó bá +10 níbẹ̀. Ó padà sí ìṣirò àkọ́kọ́, ó tún un ṣe, x + 4 = 7, x sì jẹ́ 3.

Mo wá kọ́ ọ ní bó ṣe máa yẹ ara rẹ̀ wò. Fi 23 tó o kọ́kọ́ rí sí ipò x: 3 × 21 jẹ́ 63, 2 × 18 jẹ́ 36, 63 − 36 jẹ́ 27. 7 ni wọ́n wí, 27 ló dé, a jẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Fi 3 síbẹ̀: 3 × 1 jẹ́ 3, 2 × −2 jẹ́ −4, 3 − (−4) jẹ́ 7. Ó bára mu. Mo ka èyí sí ju ìdáhùn náà lọ, torí ọmọ tó lè yẹ ara rẹ̀ wò kò nílò kó dúró de yíńkì pupa kó tó mọ̀ bóyá òun gbà á. Ó lè jókòó lóun nìkan, kó ṣe é, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì mọ̀.

“Ṣé èyí nìkan náà ni, Bọ̀ọ̀dá?”

Èmi náà ò lè sọ pé òun nìkan ni. A ṣì rí ọgbẹ́ mìíràn lára ìdá, ìyẹn àwọn bíi ìdajì àti ìdá mẹ́ta, pàápàá bó ṣe yẹ kí wọ́n ro èyí tí ìsàlẹ̀ wọn kò dọ́gba pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wọlé mi pẹ̀lú “gbogbo ẹ̀” ti wá ní ohun tó lóǹkà lọ́wọ́. A kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Bí a bá ti tún ọ̀kan ṣe tán, tó ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì láìwo ìwé, á fa ìlà sí i nídìí.

Ẹ má gbà pé gbogbo ọmọ ló rí báyìí o. Bí àṣìṣe kan náà bá ń padà wá léraléra, ẹ̀kọ́ kan ló fò ó dá. Bí àṣìṣe bá ń yí padà, tí ọmọ gba èyí tó le tó wá ṣi èyí tó rọrùn, ìkánjú ni tàbí àìsùntó, ẹ wo aago tó ń sùn àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó ń bá a sùn. Bó bá sì jẹ́ pé ìbéèrè gan-an ló kọ́kọ́ ń ṣì kọ láti ojú pátákó, tó kọ 8 sí ibi tí 3 wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò ní ọsibítù kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní olódo. Mo ti rí ọmọ tí awò ojú tún ayé rẹ̀ ṣe.

Nǹkan kan tún wà tí kò mọ̀ nípa ìdánwò tó ń bà á lẹ́rù. Ní ìdánwò ìṣirò ti WAEC, Ìwé Kìíní jẹ́ ìbéèrè 50 tí wọ́n ti kọ ìdáhùn sí níwájú kí ọmọ mú èyí tó tọ̀nà. Ìwé Kejì ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ sílẹ̀, máàkì 100 ló wà fún un: ìbéèrè márùn-ún kan wà tí kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́, máàkì 40 ni wọ́n, nínú mẹ́jọ tó kù, ọmọ á mú márùn-ún fún máàkì 60. Níbẹ̀, wọ́n máa ń fún ọ̀nà tí ọmọ gbà ní máàkì tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti ìdáhùn. Ẹni tó ṣi àmì kan ṣoṣo bí ọmọ yìí ṣe ṣì í kò ní pàdánù gbogbo rẹ̀, bó bá ṣáà ti kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti sọ ìrètí nù kì í kọ ìgbésẹ̀. Wọ́n á kàn sọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ bí ẹni ta ayò, wọ́n á dìde. Ohun tí mo sì ń tẹnu mọ́ fún un nìyẹn: kọ ọ́, kódà bí kò bá dá ọ lójú.

Ní ti àwọn iṣẹ́ yòókù, bí bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì, ọ̀nà tó gbà ń kàwé ni mo fi sùn. Á ṣí ìwé, á kà á, á tún un kà, á fi bírò aláwọ̀ fa ìlà sí i títí ojú ewé á fi dà bí aṣọ àdìrẹ. Á ní òun ti kàwé fún wákàtí mẹ́ta. Òótọ́ ni, ó kà á. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington tó wà ní ìlú St. Louis fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà láti kà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn kan sì pa ìwé dé kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó pa ìwé dé rántí nǹkan bí 56 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó tún un kà rántí 42.

Ẹ wò ó bí èyí ṣe máa ń tan ọmọ jẹ. Alẹ́ tó ń kàwé, ó ń rò pé ó ti wọlé, torí ojú rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà. Ọjọ́ ìdánwò, kò rí i mọ́. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé “mo kà á, mi ò sì mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé orí mi ni kò pé.” Orí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn jẹ́ pé kò tíì fi ìgbà kankan gbìyànjú láti mú ọ̀rọ̀ náà jáde kó tó di ọjọ́ tí wọ́n ń fún un ní máàkì. Ohun tí a wá ń ṣe kò le: á ka ojú ewé kan tàbí méjì, á pa á dé, á wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní Yorùbá. Bó bá há síbì kan, á ṣí ìwé, á wò ó, á tún pa á dé. Lọ́jọ́ kẹta, màá tún bi í. Ó kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀, torí ó máa ń jẹ́ kó rí ohun tí kò mọ̀. Mo sọ fún un pé inú ilé ló ti sàn kó rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti le jù kò sí nínú ìwé iṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ló bi mí pé: “Bọ̀ọ̀dá, ká tiẹ̀ ní mo pàásì, kí ni wọ́n fi ń ṣe?” Ó ka àwọn tó mọ̀ fún mi: ará àdúgbò wọn kan tó gboyè ìjìnlẹ̀, tó ń gun ọ̀kadà; èkejì tó ń ta káàdì; àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀, tó ń gun mọ́tò olówó ńlá, tí gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé jìbìtì ló ń ṣe lórí ẹ̀rọ.

Àgbàlagbà tó bá dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóhùn pé irọ́ ni, ọmọ náà ò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́, torí ojú òun náà ló fi rí i. Mo gbà fún un pé iṣẹ́ wọ́n, pé ìwé ẹ̀rí nìkan ò tó. Mi ò sì lo ìṣẹ́jú kan láti wàásù nípa ọmọ tó ń lu jìbìtì. Ó mọ ibi tí EFCC ń kó wọn lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ri ẹ̀rọ iná oòrùn mọ́ ilé onílé.

Ọ̀rẹ́ mi kò gbà á ní ìmọ̀ràn kankan, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ó kàn jẹ́ kó jókòó tì í. Oníbàárà kan wọlé, ó fẹ́ kí fáànù méjì àti gílóòbù mẹ́fà máa ṣiṣẹ́ lóru, ó sì ní bátìrì kan ṣoṣo lòun lówó rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fa bébà. Fáànù kọ̀ọ̀kan jẹ wáàtì 70, méjì jẹ́ 140. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan jẹ wáàtì 10, mẹ́fà jẹ́ 60. Àpapọ̀ 200. Bátìrì náà jẹ́ fóòtì 12, ọgọ́rùn-ún méjì sì ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára. 12 × 200 jẹ́ 2,400. Ṣùgbọ́n bátìrì tí wọ́n ń bu omi sí kì í pẹ́ bàjẹ́ bí èèyàn bá ń fà á gbẹ, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kó lò: 1,200. Fi 200 pín in, ó di wákàtí mẹ́fà, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ gan-an, torí ẹ̀rọ tó ń yí iná padà á jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ó wo oníbàárà lójú, ó ní: “Bí ẹ bá tàn án ní aago mẹ́wàá, kò ní bá yín dé aago mẹ́rin ìdájí.” Ọkùnrin náà ra bátìrì méjì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi í nígbà tí a fẹ́ máa lọ pé níbo ló ti kọ́ ọ. Pólì ni, ẹ̀ka iṣẹ́ iná. Ó ní lẹ́ẹ̀mejì lòun jókòó ìdánwò àṣejáde kí ìṣirò òun tó bọ́ sí kírẹ́díìtì. Bọ̀ọ̀dá tó ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò rí kò lè sọ gbólóhùn yẹn kó wọlé bó ṣe wọlé látẹnu ẹni tó ti fèìlì rí. Ọ̀nà kejì tí Bandura sọ nìyẹn, ẹni tó jọ ọmọ náà. Ẹni tó bá gba ipò kìíní látìbẹ̀rẹ̀ dópin kò jọ ọ́. Ìdí kan náà ni mo fi sọ fún ìyá rẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé dárúkọ ọmọ alábàágbé yín fún un. Ọmọ yẹn ò ṣí ilé ìwé lákòókò tí tiyín ṣí.”

Nígbà tí a padà délé ni mo tó ṣàlàyé bí ọ̀nà ṣe là sí. Ó rò pé bí òun bá fèìlì ìṣirò lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Láti A1 dé C6 ni wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì. D7 àti E8 jẹ́ pàásì lásán, F9 ni ìjákulẹ̀. Yàtọ̀ sí WAEC, NECO náà ń ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dọọdún, àwọn méjèèjì sì ní ti àwọn tí kò sí nílé ìwé mọ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì àti pólì ló ń gba èsì ìjókòó méjì pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan kì í gbà á fún àwọn iṣẹ́ kan. Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ló yẹ kí ẹbí wò, kí wọ́n má gbára lé ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò. Ẹni tó bá gba pólì lọ á lo ọdún méjì fún ND, bí èsì rẹ̀ bá sì dára, ó lè gba ibẹ̀ wọ yunifásítì ní ọdún kejì wọn tààrà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà ní ìdánwò tiwọn, èyí tí NABTEB ń ṣe.

Mi ò fi dá a lọ́kàn le ju bó ṣe rí lọ. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì lówó tó ń ṣòfò. Ẹ̀ka iṣẹ́ iná ní pólì pàápàá ń béèrè kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, a ò lè sá fún un. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni pé ọ̀nà kò pin sí ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kan ìwé iṣẹ́ rárá, torí àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ìlera ọkàn wọn ni wàhálà ti wá. Bí ìbànújẹ́ ọmọ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò gbádùn bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn mọ́, tí oúnjẹ rẹ̀ àti oorun rẹ̀ yí padà, tó ń yẹra fún ọ̀rẹ́, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kóun má sí, ẹ gbé ìṣirò tì. Ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ti ń ronú láti pa ara rẹ̀. Àwọn oníṣègùn mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í fi èrò yẹn sí ọmọ lọ́kàn. Ó máa ń jẹ́ kó ráyè sọ̀rọ̀ ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn mìíràn kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọkàn. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò sọ di ohun tí ayé mọ̀ ní àwọn ọdún 1950, kì í ṣe ti ẹni tó ń rìn kiri ìgboro nìkan. Ìtìjú ò gbọdọ̀ dí yín lọ́wọ́.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò dé ibẹ̀. Ó padà sí Òṣogbo pẹ̀lú ìwé tí ohun tó kù láti tún ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń fi àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní sáà kẹta, 46 ló gbà. Kò tíì tó kírẹ́díìtì. Bàbá rẹ̀ pè mí, ohùn rẹ̀ kò dùn, ó ní 46 náà ni mo ń yọ̀ sí? Ọmọ náà ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní: “Bọ̀ọ̀dá, mo mọ ibi tí mo ti ṣì í. Ìdá ni.” Wọn ò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kíkúrò ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì lẹ́nu rẹ̀.

Ọlidé ń bọ̀ ọ̀nà. Ẹ̀yin tí wọ́n máa rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, ẹ fóònù sí ìyá rẹ̀ kó tó gbéra, ẹ ní kó di ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, ti ọdún yìí àti ti èṣí, pàápàá èyí tí yíńkì pupa pọ̀ nínú rẹ̀ jù.